Ìwọ̀n Lọ́tọ̀, Àmì Lọ́tọ̀: Igun Ìtọ́kasí àti Àmì Sáìnì, Kósáìnì àti Tánjẹ́ntì nínú Ìdámẹ́rin Òbìrí

Ìfáárà

Inú onígun-mẹ́ta tí ọ̀kan nínú igun rẹ̀ jẹ́ 90° ni akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń kọ́kọ́ pàdé sáìnì, kósáìnì àti tánjẹ́ntì. Nínú irú onígun-mẹ́ta bẹ́ẹ̀, kò sí èyí tí ó lè tó 90° nínú igun méjì tí ó kù, nítorí pé àpapọ̀ igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò gbọdọ̀ ju 180° lọ. Ìtumọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ níbẹ̀ kò wá ní ohunkóhun sọ nípa igun 140° tàbí 220°. Síbẹ̀, kì í pẹ́ tí ìdánwò fi máa ń béèrè sin 220° lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ṣí ìwé tábìlì onífígọ̀ mẹ́rin, yóò rí i pé orí 90° ni tábìlì sáìnì parí sí. Bí ó bá tẹ ẹ̀rọ ìṣirò, ẹ̀rọ náà yóò dá a lóhùn pé −0.6428, ṣùgbọ́n kò ní sọ ibi tí àmì àyọkúrò iwájú rẹ̀ ti wá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbà lórí kókó yìí ni òfin bíi mélòó kan tí wọn yóò há sórí: yọ igun kúrò nínú 180°, yọ 180° kúrò nínú igun, yọ igun kúrò nínú 360°. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, àwọn òfin wọ̀nyí a dàrú mọ́ ara wọn. Iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn pé ìbéèrè méjì péré ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, àti pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó yẹ kí a dáhùn wọn. Ìbéèrè kìíní ni pé, báwo ni iye náà ti tóbi tó? Igun ìtọ́kasí ni ó ń dáhùn èyí. Ìbéèrè kejì ni pé, àmì wo ni iye náà yóò gbé? Ìdámẹ́rin òbìrí tí igun náà bọ́ sí ni ó ń dáhùn èyí. Orí àwòrán kan ṣoṣo ni a ti lè rí ìdáhùn méjèèjì.

Láti Inú Onígun-mẹ́ta sí Orí Òbìrí

Kí a fa ìlà ìbú kan àti ìlà òòró kan kí wọ́n dábùú ara wọn lórí pépà. Kí a wá fi ẹsẹ̀ kọ́ńpáàsì sí ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé, kí a sì fa òbìrí tí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 láti àárín dé etí. Kí a ro ó pé apá kan wà láàárín òbìrí náà tí ó gùn dé etí, bí ọwọ́ aago. Ọwọ́ ọ̀tún, lórí ìlà ìbú, ni apá náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni a sì ń pè ní 0°. Bí igun bá ti ń pọ̀ sí i, apá náà ń gòkè, ó ń yí lọ ní ọ̀nà tí ó lòdì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Bí ó bá dúró ṣánṣán sókè, ó di 90°. Bí ó bá dojú kọ òsì, ó di 180°. Bí ó bá dorí kodò, ó di 270°. Bí ó bá padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, ó di 360°.

Níbikíbi tí apá yìí bá dúró sí, nǹkan méjì ni a lè sọ nípa ṣóńṣó rẹ̀. Èkíní ni bí ó ti jìnnà tó sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Èyí ni ìbú rẹ̀, tí a ń fi lẹ́tà x dúró fún. Èkejì ni bí ó ti ga tó sókè tàbí bí ó ti lọ sílẹ̀ tó. Èyí ni òòró rẹ̀, tí a ń fi lẹ́tà y dúró fún. Lẹ́tà r ni a fi dúró fún gígùn apá náà. Pẹ̀lú ohun mẹ́ta yìí, ìtumọ̀ tuntun wá sí ojútáyé:

sin θ = y/r
cos θ = x/r
tan θ = y/x

Ìtumọ̀ yìí kò ta ko ti àtijọ́. Bí igun kò bá tó 90°, ìbú, òòró àti apá yóò di ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta onígun-mẹ́ta tí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, apá ni yóò sì jẹ́ ẹ̀gbẹ́ tí ó gùn jù lọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìtumọ̀ tuntun ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo igun, nítorí pé kò sí ibi tí apá lè yí dé tí ṣóńṣó rẹ̀ kò ní ní ìbú àti òòró.

Bí Àmì Ṣe Ń Wáyé

Ìlà ìbú àti ìlà òòró pín òbìrí sí ìdámẹ́rin mẹ́rin. Ìdámẹ́rin kìíní wà láàárín 0° àti 90°, ìkejì láàárín 90° àti 180°, ìkẹta láàárín 180° àti 270°, ìkẹrin láàárín 270° àti 360°. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ nípa yíya gíráàfù ni pé ohun tí ó bá wà ní ọ̀tún tàbí ní òkè ń gbé àmì àròpọ̀, èyí tí ó bá sì wà ní òsì tàbí ní ìsàlẹ̀ ń gbé àmì àyọkúrò. Gígùn ni r ní tirẹ̀; gígùn kì í sì í gbé àmì àyọkúrò láé. Àmì y nìkan ni sáìnì máa ń jogún nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni àmì x nìkan ni kósáìnì máa ń jogún.

Ní ìdámẹ́rin kìíní, ọ̀tún àti òkè ni ṣóńṣó apá wà, gbogbo iye sì gbé àmì àròpọ̀. Ní ìkejì, ṣóńṣó náà ti sọdá sí òsì ṣùgbọ́n ó ṣì wà lókè; sáìnì gbé àmì àròpọ̀, kósáìnì gbé àmì àyọkúrò. Ní ìkẹta, ó wà ní òsì, ó sì tún wà nísàlẹ̀. Sáìnì àti kósáìnì gbé àmì àyọkúrò. Ní ìkẹrin, ó ti padà sí ọ̀tún ṣùgbọ́n ó ṣì wà nísàlẹ̀; kósáìnì gbé àmì àròpọ̀, sáìnì gbé àmì àyọkúrò.

Tánjẹ́ntì ni ó máa ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà jù. Nítorí pé ohun gbogbo gbé àmì àyọkúrò ní ìdámẹ́rin kẹta, wọn a rò pé tánjẹ́ntì náà gbọ́dọ̀ gbé e. Ṣùgbọ́n òòró tí a pín pẹ̀lú ìbú ni tánjẹ́ntì. Bí a bá fi iye alámì àyọkúrò pín iye alámì àyọkúrò mìíràn, àmì àròpọ̀ ni yóò jáde. Ibi tí àmì ìbú àti ti òòró bá ti bára mu, bí i ìdámẹ́rin kìíní àti ìkẹta, tánjẹ́ntì yóò gbé àmì àròpọ̀; ibi tí wọn kò bá ti bára mu, bí i ìkejì àti ìkẹrin, yóò gbé àmì àyọkúrò.

Àwọn mẹ́ta yòókù, ìyẹn kosíkáǹtì (r/y), síkáǹtì (r/x) àti kotánjẹ́ntì (x/y), kò nílò òfin tiwọn. Dídorí sáìnì, kósáìnì àti tánjẹ́ntì kodò ni a fi rí wọn. Bí a bá sì dorí ìdá kodò, àmì rẹ̀ kì í yí padà.

Bí olùkọ́ bá fẹ́ ohun ìrántí fún kíláàsì rẹ̀, ó lè lo gbólóhùn yìí: «Gbogbo Sọ́jà Ti Kọjá». Lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń sọ ohun tí ó gbé àmì àròpọ̀ láti ìdámẹ́rin kìíní dé ìkẹrin: Gbogbo wọn, Sáìnì, Tánjẹ́ntì, Kósáìnì. Kí gbólóhùn náà má ṣe ṣáájú àlàyé o. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó há a sórí láìmọ ìdí rẹ̀ lè kà á lọ́nà tí ọwọ́ aago ń gbà yí, tàbí kí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti apá òsì, kò sì ní sí ohun tí yóò ta á lólobó pé ó ti ṣìnà. Ẹni tí ó mọ̀ pé òòró ni sáìnì yóò kàn wo àwòrán ni.

Igun Ìtọ́kasí àti Onígun-mẹ́rin Inú Òbìrí

Kí a padà sórí òbìrí oní-sẹ̀ǹtímítà 10. Kí apá dúró ní 40°. Bí a bá fi rúlà wọ̀n ọ́n, ìbú ṣóńṣó rẹ̀ yóò tó sẹ̀ǹtímítà 7.7, òòró rẹ̀ yóò sì tó 6.4. Kí a wá fa ìlà tí ó tẹ́ gbọọrọ láti ibẹ̀ lọ sí òsì títí tí yóò fi kan etí òbìrí lódì kejì. Láti ibẹ̀, kí a fa òmíràn lọ sísàlẹ̀ tààrà, kí a tún fa òmíràn padà sí ọ̀tún, kí a sì gòkè padà sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Onígun-mẹ́rin kan yóò jáde tí orígun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kan etí òbìrí. Bí a bá fi pùròtírátọ̀ wọn igun tí ó dé orígun kọ̀ọ̀kan láti 0°, a óò rí 40°, 140°, 220° àti 320°.

Ìbú orígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò yàtọ̀ ní ìwọ̀n: 7.7 ni gbogbo wọn, bí a bá yọ àmì wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òòró wọn pẹ̀lú kò yàtọ̀: 6.4 ni. Àmì nìkan ni ó ń yí padà láti orígun kan sí òmíràn. Ìdí nìyí tí igun 40° fi lè ṣojú fún mẹ́ta yòókù bí ó bá kan ti ìwọ̀n. Òun ni igun ìtọ́kasí wọn.

Láti inú àwòrán yìí ni ìtumọ̀ igun ìtọ́kasí ti jáde: òun ni igun tí ó wà láàárín apá àti ìlà ìbú tí ó sún mọ́ ọn jù. Ní ìdámẹ́rin kejì, apá 140° ku 40° kí ó tó dé ìlà ìbú ti òsì, a sì ń yọ θ kúrò nínú 180°. Ní ìkẹta, apá 220° ti kọjá ìlà yẹn pẹ̀lú 40°, a sì ń yọ 180° kúrò nínú θ. Ní ìkẹrin, apá 320° ku 40° kí ó tó padà sí ìlà ìbú ti ọ̀tún, a sì ń yọ θ kúrò nínú 360°. Ìtumọ̀ kan náà ni òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tí ó bá ti lè ya apá sí ibi tí ó yẹ kò nílò àtihá wọn sórí.

Iṣẹ́ sin 220° wá di ìgbésẹ̀ mẹ́ta. Èkíní, 220° wà ní ìdámẹ́rin kẹta. Èkejì, igun ìtọ́kasí rẹ̀ ni 220° − 180° = 40°, tábìlì sì sọ pé sin 40° = 0.6428. Ẹ̀kẹta, ìsàlẹ̀ ni ìdámẹ́rin kẹta wà, sáìnì sì gbé àmì àyọkúrò níbẹ̀. Nítorí náà, sin 220° = −0.6428. Bákan náà, cos 220° = −0.7660, tan 220° sì jẹ́ +0.8391.

Bí igun bá ju 360° lọ, tàbí bí òun fúnra rẹ̀ bá gbé àmì àyọkúrò, ìgbésẹ̀ kan ni ó ṣáájú mẹ́ta yìí. Kí a mú igun náà wá sí àárín 0° àti 360° nípa fífi odindi yíyípo kún un tàbí yíyọ ọ́ kúrò. Fún àpẹẹrẹ, −500° túmọ̀ sí pé apá yí 500° lọ ní ọ̀nà tí ọwọ́ aago ń gbà. Bí a bá fi yíyípo kan kún un, yóò ku −140°. Bí a bá fi ìkejì kún un, yóò di 220°. Ibi kan náà ni apá dúró sí, nítorí náà sin(−500°) = sin 220° = −0.6428.

Ìdí tí a kò fi Ń Wọ̀n Ọ́n Láti Ìlà Òòró

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ tí kò rọrùn láti rí, nítorí pé àmì ìdáhùn rẹ̀ máa ń tọ̀nà. Akẹ́kọ̀ọ́ gba sin 120°. Ó rí i pé 120° fi 30° kọjá 90°, ó sì mú 30° ní igun ìtọ́kasí. Ó mọ̀ pé sáìnì gbé àmì àròpọ̀ ní ìdámẹ́rin kejì, ó sì kọ ọ́ pé sin 120° = sin 30° = 0.5. Ìdáhùn tí ó tọ́ ni sin 60° = 0.8660.

Kí olùkọ́ má ṣe sọ pé «òfin ni 180° kò sì sí àríyànjiyàn». Àwòrán ni kí ó jẹ́rìí. Igun 30° tí akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀n wà láàárín apá àti ìlà òòró. Onígun-mẹ́ta tí ó ti ibẹ̀ jáde ti fi ẹ̀gbẹ́ lé ìlà òòró dípò ìlà ìbú, nítorí náà ìbú àti òòró ti pààrọ̀ ipò. Sáìnì igun náà ń sọ ìbú fún wa, kósáìnì rẹ̀ ni ó ń sọ òòró. Lóòótọ́, cos 30° ni 0.8660, tí ó jẹ́ ìwọ̀n sin 120° gan-an. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ̀n láti ìlà òòró gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ sáìnì àti kósáìnì ní gbogbo ìgbà. Wíwọ̀n láti ìlà ìbú ni ó jẹ́ kí sáìnì máa jẹ́ sáìnì níbi gbogbo.

Ọ̀nà kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ fi lè mú àṣìṣe yìí fúnra rẹ̀. Kí ó wo àwòrán, kí ó béèrè bóyá ìlà òòró ni apá sún mọ́ jù tàbí ìlà ìbú. Bí ó bá jẹ́ ìlà òòró, bí apá 120° ti rí, òòró gbọ́dọ̀ tóbi ju ìbú lọ, a jẹ́ pé ìwọ̀n sáìnì gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀n kósáìnì lọ. Ẹni tí ó kọ 0.5 fún sáìnì àti −0.8660 fún kósáìnì yóò rí i lójú ẹsẹ̀ pé àwọn méjèèjì ti gba ipò ara wọn.

Láti Iye Padà sí Igun

Nígbà tí ìbéèrè bá yí padà, tí a fún akẹ́kọ̀ọ́ ní iye tí a sì ní kí ó wá igun, ni yíya ìwọ̀n àti àmì sọ́tọ̀ máa ń wúlò jù. Kí a mú ìbéèrè yìí: wá gbogbo igun láàárín 0° àti 360° tí cos θ = −0.6.

Tábìlì kò ní iye alámì àyọkúrò, nítorí náà kò lè tan akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀rọ ìṣirò ni ó lè tàn án. Bí ó bá tẹ cos⁻¹(−0.6), ẹ̀rọ yóò kọ 126.87° (bí ó bá ti gba ààtò dígírì). Ìdáhùn tòótọ́ kan ni èyí, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo nínú méjì ni. Kì í sì í ṣe igun ìtọ́kasí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kà á sí igun ìtọ́kasí yóò yọ ọ́ kúrò nínú 180°, yóò sì kọ 53.13°. Bẹ́ẹ̀, ìdámẹ́rin kìíní ni 53.13° wà, níbi tí kósáìnì ti gbé àmì àròpọ̀. Ti sáìnì tún yàtọ̀: bí ó bá tẹ sin⁻¹(−0.6), −36.87° ni yóò rí, èyí tí kò tilẹ̀ sí láàárín 0° àti 360°.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí ó yọ àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ìwọ̀n ni 0.6, cos⁻¹(0.6) sì jẹ́ 53.13°. Igun ìtọ́kasí nìyẹn. Àmì àyọkúrò tí ó yọ sílẹ̀ ni yóò wá sọ ìdámẹ́rin fún un: kósáìnì jẹ́ ìbú, ìbú tí ó gbé àmì àyọkúrò sì wà ní òsì, ní ìdámẹ́rin kejì àti ìkẹta. Ní ìkejì, igun náà ni 180° − 53.13° = 126.87°. Ní ìkẹta, igun náà ni 180° + 53.13° = 233.13°. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn: igun ìtọ́kasí gbọ́dọ̀ wà láàárín 0° àti 90°. Bí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ sí ipò igun ìtọ́kasí bá ju 90° lọ, tàbí tí ó gbé àmì àyọkúrò, ó ti gbé àmì wọ inú ìwọ̀n.

Ibi tí Ìlànà Náà Mọ

Igun 90°, 180°, 270° àti 360° kò sí nínú ìdámẹ́rin kankan, nítorí pé orí ìlà gan-an ni apá dúró sí. Kíka ìbú àti òòró tààrà ni ó yẹ níbẹ̀. Ní 270°, lórí òbìrí oní-sẹ̀ǹtímítà 10, ìbú jẹ́ 0, òòró jẹ́ −10. Nítorí náà, sin 270° = −1, cos 270° = 0, tan 270° kò sì sí rárá, torí pé a kò lè fi 0 pín ohunkóhun.

Bákan náà, igun tí a fi ń tọ́ka ibi tí nǹkan wà lórí máàpù kì í ṣe irú igun yìí. Láti àríwá ni a ti ń wọ̀n ọ́n, ní ọ̀nà tí ọwọ́ aago ń gbà yí. Ohun tí ó wà ní 220° lórí máàpù wà ní 230° lórí òbìrí tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó pinnu ìdámẹ́rin, ó yẹ kí ó mọ ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn igun tí ó wà níwájú rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ìbú àti òòró ṣóńṣó apá ni àmì ti ń wá, àti pé onígun-mẹ́rin inú òbìrí ni ó mú kí igun mẹ́rin ní ìwọ̀n kan náà. Igun ìtọ́kasí, tí a ń wọ̀n láti ìlà ìbú nígbà gbogbo, ń sọ ìwọ̀n. Ìdámẹ́rin ń sọ àmì. Nígbà tí olùkọ́ bá ń máàkì iṣẹ́ lórí kókó yìí, yóò dára kí ó wò ó bóyá ìwọ̀n ni akẹ́kọ̀ọ́ ṣì tàbí àmì. Ẹni tí ó kọ sin 220° = 0.6428 mọ igun ìtọ́kasí, ìdámẹ́rin ni kò yé e. Ẹni tí ó kọ −0.7660 mọ àmì, ṣùgbọ́n láti ìlà òòró ni ó ti wọn igun rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ẹnì kìíní nílò yàtọ̀ sí èyí tí ẹnì kejì nílò.